Lẹ́tà ẹ̀sùn sí onílé mi: ṣé ó ṣì le tó báyìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Òrùlé yàrá mi ń jò, "mo ń bọ̀" ni onílé ń sọ. Mo wá kọ lẹ́tà, àmọ́ ó dà bíi pé lọ́yà ló kọ ọ́: "Mo fi ìwé yìí fi ẹ̀hónú hàn lórí ìkùnà yín láti ṣe ojúṣe yín." Èmi kì í sọ̀rọ̀ báyẹn, onílé náà sì mọ̀ mí.

Mo tún un kọ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òjò ọjọ́ 3 oṣù yìí rin bẹ́ẹ̀dì mi gbingbin. Ibi tí páànù méjì ti pàdé lókè fèrèsé lomi ti ń kán. Mo pè yín lọ́jọ́ 4 àti ọjọ́ 11. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán kápẹ́ńtà wá kó tó di ọjọ́ 25. Mo fi fọ́tò mẹ́ta sí i."

Mo yọ "ìkùnà" kúrò, mo fi ọjọ́ rọ́pò rẹ̀, torí kò ṣeé jiyàn. Mo tún pa ibi tí mo ti ní n kò ní san owó ilé mọ́ rẹ́; ó lè torí ìyẹn lé mi jáde.

Ṣé kí n kọ ohun tí mo máa ṣe bí ọjọ́ 25 bá kọjá, àbí kí n fi ìyẹn pamọ́ fún lẹ́tà kejì?