Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà títì, tàbí ẹ̀jẹ̀ pupa lórí tíṣù: èwo ni ká sáré fún?

Ìyá Ìbejì (Mansẹ́sítà):
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ń tì mí lójú ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè bi. Ọkọ mi, ẹni ọdún 52, iṣẹ́ sìkíọ́rítì alẹ́ ló ń ṣe, láti àná ni ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú, kì í ṣe dúdú lásán o, ó dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì débi pé mo fọ́ọ̀ṣì fọ́ọ̀ṣì kò lọ, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́ tí mo mọ̀, odindi pálọ̀ ló gbà. Òun ní inú ò run òun rárá. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n bá òun wá àgbo jẹ̀dí. Ta ló mọ ẹni tó ń ta ojúlówó rẹ̀ ní apá ibí yìí?

Bọ̀ọ̀dá Taksí (Pẹ́kámù):
Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ìyàwó wa. Nígbà tí dókítà fún èmi ní tábúlẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù, èyí tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ìgbẹ́ tèmi náà dúdú bí èédú, nígbà tí mo dá a dúró ó padà sí bó ṣe wà. Ẹ bi í bóyá ó ń lo fítámì kankan. Oògùn inú kan wà náà, aláwọ̀ píńkì tí wọ́n ń mu bí omi, òun náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Bámíńgámù):
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ torí ó ń ṣe èmi náà. Tèmi pupa ni, bí mo bá nùdí ni mo máa rí i lórí tíṣù, nígbà míì á kán sínú omi tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kò dùn mí. Ó ti tó bí oṣù méjì báyìí tó ń wá tó ń lọ. Àgbo jẹ̀dí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ ni mo ń mu, ó ń jẹ́ kí n yàgbẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà kò dáwọ́ dúró. Àntí, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń tà á ẹ jọ̀ọ́ ẹ pín in fún mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ àgbo sílẹ̀ ná, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Oògùn wo ni bọ̀ọ̀dá ń lo, pàápàá fún ara ríro, kódà èyí tí wọ́n rà fúnra wọn tàbí tí wọ́n gbé bọ̀ láti ilé? Ṣé òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde? Ṣé wọ́n ń mu áyọ́ọ̀nù tí Bọ̀ọ̀dá Taksí sọ?

Ìyá Ìbejì (Mansẹ́sítà):
Kò mu áyọ́ọ̀nù kankan, mà. Orúnkún ló ń dà á láàmú torí dídúró òru. Ibupurofẹni ló máa ń mu, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ó ti pẹ́ díẹ̀, ó sì ní òmíràn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú wá láti Èkó, Dikilofẹnaki, tó ń fi kún un ní àwọn alẹ́ tó bá dùn ún jù. Ó tún ń mu asipirin kékeré torí wọ́n sọ fún un pé ó dára fún ọkàn. Kì í jẹun lálẹ́ tó bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́, bó ṣe dìde láti lọ ṣàlùwàlá ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó fẹ́ ṣubú, ògiri ló gbá mú, òógùn tútù sì bò ó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Ẹ pe 999 báyìí. Kì í ṣe 111, kì í ṣe kẹ́ ẹ dúró de jípí ní òwúrọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé “ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ó fẹ́ dákú, ó ń lo ibupurofẹni àti asipirin.” Gbólóhùn yẹn á yé wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kó má wakọ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí àgbo torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, ẹ sì kó gbogbo páálí oògùn wọ̀nyẹn sínú àpò, ti Èkó pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi ń kánjú rèé. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣàn láti òkè, láti inú ikùn tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ó ní ọ̀nà gígùn láti rìn kó tó jáde, nínú ìrìn yẹn ló ti ń dúdú tó sì ń lẹ̀, òórùn náà ń tibẹ̀ wá. Bí ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì ife tíì bá ti dà sínú ikùn, ó tó láti sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn ara ríro mẹ́ta tó ń lò pọ̀ yẹn máa ń bó ara ikùn títí á fi di ọgbẹ́, wọ́n sì tún ń pa ìrora lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi ní inú ò run òun. Kí inú má run kò túmọ̀ sí pé ọgbẹ́ kò sí. Òòyì àti òógùn tútù ni àmì pé ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ pọ̀.

Ìyá Ìbejì (Mansẹ́sítà):
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ń bọ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Àntí Húsítìn:
Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí èébì tó dà bí ìsàlẹ̀ kọfí, ẹ́míjẹ́nsì kan náà ni, ẹ má ronú. Ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ bá sì ń bá jà, kí ó má tiẹ̀ dúró kí òòyì kọ́ ọ, torí iṣan tó wú lọ́nà ọ̀fun lè bẹ́ lójijì. Àbúrò bàbá mi kan nílé ló ní irú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n ṣáájú.

Bọ̀ọ̀dá Taksí (Pẹ́kámù):
Ẹ má bínú nọ́ọ̀sì, ìrírí tèmi ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi dé láti Ìbàdàn lórí físà àbẹ̀wò, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ńkọ́? Wọ́n ní owó ńlá ni wọ́n máa ń gbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Ìrírí yín kì í ṣe irọ́, bọ̀ọ̀dá, áyọ́ọ̀nù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní ti màmá, ní Ìńgílándì níbí, ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe fún wọn nínú ẹ́míjẹ́nsì fúnra rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù ni owó lè bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò ṣe wúlò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu wọn kò gbọdọ̀ dá ìtọ́jú dúró torí owó, wọ́n á tọ́jú wọn ná, ìwé owó á dé lẹ́yìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mi ò gbàgbé yín. Tiyín ò jọ ti bọ̀ọ̀dá yìí rárá. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó mọ́ lórí tíṣù, tí kò dùn, tó ń kán, ibi tó súnmọ́ ẹnu ìdí ló ti sábà máa ń wá, jẹ̀díjẹ̀dí tó wú nínú ló sì wọ́pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ó ń dùn yín bí ẹni fi abẹ gé yín nígbà tí ẹ bá ń yàgbẹ́, tó sì ń ta yín fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ìdí ló ya nìyẹn. Méjèèjì kì í pa èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ti pọ̀ jù láti máa fojú wò ó. Ọmọ ọdún mélòó ni yín, ṣé ẹ̀jẹ̀ náà máa ń pò mọ́ ìgbẹ́ fúnra rẹ̀, ṣé bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀ ti yí padà, ṣé ẹ ń rù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Bámíńgámù):
Mo ti pé 44. Kò pò mọ́ ọn, orí tíṣù ni. Mi ò rù. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ mi ti rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, mo rò pé àgbo ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Ó lè jẹ́ àgbo, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀. Àgbo tó ń tú inú ń bo ohun tí jípí nílò láti rí, ìyẹn ìyípadà ìgbẹ́. Ẹ dá a dúró, ẹ pe jípí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ń jáde láti oṣù méjì, kí wọ́n wo ìdí yín kí wọ́n sì fún yín ní ìdánwò fíìtì. Ìgò kékeré kan ni, ẹ̀ẹ́ fi igi rẹ̀ ha ìgbẹ́ díẹ̀, ẹ̀ẹ́ dá a padà, láábù á wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí. Bí iye rẹ̀ bá tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rán yín lọ sí ọsibítù kíákíá, torí jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Jẹ̀díjẹ̀dí náà lè gbé iye yẹn sókè, kẹ́ ẹ má sọ̀rètí nù bó bá rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́ ìdánwò yìí sílé fún àwọn ẹni ọdún 50 sí 74 kì í ṣe fún ẹni tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró dè é.

Bí pupa náà bá wá pọ̀, tó ń ṣàn tí kò dá, tàbí tó ń dì ní kùlùkùlù, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ́míjẹ́nsì náà nìyẹn. Ọgbẹ́ òkè tó ń dà púpọ̀ lè jáde ní pupa láì dúdú.

Àntí Húsítìn:
Ní tiwa ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ ọdún 45 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ìfun báyìí. Ẹ rántí òṣèré tó ṣe ọba Wàkáńdà, Ṣádíwíìkì Bósímánì, 43 péré ló wà nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020.

Ìyá Ìbejì (Mansẹ́sítà):
Ẹ̀yin ará, mo tọrọ àforíjì pé mo dákẹ́. A ti padà sílé. Iye hẹmogilóbìnì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé 66, wọ́n ní ti ọkùnrin yẹ kó ju 130 lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àpò méjì sí i lára, ní òwúrọ̀ kejì wọ́n fi kámẹ́rà bá ọgbẹ́ ní ibi tí ikùn ti ń bọ́ sínú ìfun, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan dè é kó má ṣàn mọ́. Omepurasọọlu, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ló ń mu báyìí. Gbogbo oògùn ara ríro yẹn ni wọ́n ní kó jù nù, asipirin náà, torí dókítà kankan kò kọ ọ́ fún un. Wọ́n yẹ kòkòrò ikùn tó máa ń fa ọgbẹ́ wò, wọ́n ní kò sí. Ó kù díẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀, ni wọ́n tún fún un ní áyọ́ọ̀nù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
A dúpẹ́ o! Ẹ béèrè lọ́wọ́ jípí pé kí wọ́n tún kòkòrò yẹn yẹ̀ wò. Nígbà tí ọgbẹ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, ìdánwò náà lè sọ pé kò sí kó sì wà. Omepurasọọlu gbọ́dọ̀ kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò èémí tàbí ti ìgbẹ́ tó ṣeé gbára lé, ṣùgbọ́n kó má dá a dúró fúnra rẹ̀, ọgbẹ́ ṣì ń jiná, dókítà ni yóò sọ ìgbà.

Bọ̀ọ̀dá Taksí (Pẹ́kámù):
Orúnkún wá ńkọ́? Parasitamọ́ọ̀ kì í ran irú ìrora yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Kó gbìyànjú rẹ̀ ná, kó sì bá ẹni tó ń ṣe físíò sọ̀rọ̀. Ipara orúnkún ńkọ́, kó bi dókítà rẹ̀, àwọn dókítà kì í fẹnu kò lórí ìyẹn lẹ́yìn ọgbẹ́.

Ìyá Ìbejì (Mansẹ́sítà):
Àmọ́ nọ́ọ̀sì, áyọ́ọ̀nù yìí á tún sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá tún ń ṣẹ̀jẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Lídísì):
Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká bi. Ìgbẹ́ áyọ́ọ̀nù dúdú, nígbà míì ó ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ó máa ń ní ìrísí ìgbẹ́, kì í lẹ̀ mọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì bí ọ̀dà, òórùn burúkú yẹn kò sí níbẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ ṣì ń jáde fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti dáwọ́ dúró, bó ṣe ń dín kù lójoojúmọ́ ni ẹ máa wò. Bó bá tún lẹ̀, tó tún rùn, tàbí òòyì bá tún kọ́ ọ, kẹ́ ẹ má wò ó pé áyọ́ọ̀nù ni. 999 ni.