Iṣẹ́ kún ojú fóònù aládùúgbò mi, tèmi ṣófo

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ká máa gbọ́ ohùn ká máa kọ ohun tá a gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá ni mò ń ṣe lórí fóònù, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun iṣẹ́ kún ojú fóònù mi bámúbámú, mo ṣe é títí oorun fi ń gbé mi, mo sùn. Mo jí láàárọ̀, ẹyọ kan ò sí ńbẹ̀. Mo ní ó ti tán nìyẹn, kò burú. Mo wá yà lọ́dọ̀ àbúrò kan tó ń ránṣọ níwájú ilé wa, òun náà ń ṣe é, mo bá iṣẹ́ yẹn gan-an lójú fóònù tiẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ fẹẹrẹ! Mo pa fóònù mo tàn án, mo yọ áàpù mo tún fi í sí i, mo ra dátà tuntun, òfo. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Bọ̀dá Ọláìyá: Ìyá Ìbejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni jàre. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nínú áàpù, mo tún wọlé, ó di òru kí iṣẹ́ tó yọ. Ẹ fi í sílẹ̀ di òru.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba: Èmi náà ń bá wọn fà á o, owó mi tó ti yẹ kó wọlé látọjọ́ Ẹtì ò tíì yọ nínú àkáǹtì, wọ́n ní ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà wo? Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Ìyá Aláṣọ, tiyín yàtọ̀, ti owó nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ wo ibi tí máàkì yín wà nínú áàpù, kẹ́ ẹ tún bi aránṣọ yẹn pé mélòó ni tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Mo ti wò ó. Èmi 75 nínú 100, òun 80.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Ó ti tán. Ó jọ pé 80 ni wọ́n ní kẹ́ni tó máa rí i ní, ẹni tó bá ní 80 gééré wọlé, ẹni tí kò tó kò wọlé. Mo ti wà lápá kejì rí, èmi ni mo máa ń yan ẹni tí iṣẹ́ máa yọ sí. Tá a bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀, a máa yan èdè, a máa yan ìlú, a máa yan bóyá fóònù ni àbí kọ̀ǹpútà, a ó wá kọ máàkì tó kéré jù sí i. Ẹni tí kò bá ti bá ọ̀kan nínú ẹ̀ mu, áàpù kì í bá a jà, ṣe ló kàn máa fi iṣẹ́ pamọ́ kó má bàa rí i. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kó yọ pẹ̀lú àgádágodo lórí ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gbé e kalẹ̀ nìyẹn wà. Èmi fúnra mi ṣe àṣìṣe lórí ẹ̀ nígbà kan, mo yan Yorùbá, mo yan Nàìjíríà, mo wá yan kọ̀ǹpútà nìkan torí mo rò pé orí fóònù ò dáa fún àmì ohùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko iṣẹ́ ò kúrò lójú kan, àwọn èèyàn ń pariwo pé àwọn ò rí nǹkan kan, èmi ń bínú pé ọ̀lẹ ni wọ́n, kí n tó rántí pé orí fóònù ni gbogbo wọn wà.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ṣùgbọ́n 90 ni mo ní lọ́jọ́ Ajé! Kí ló gbé e lọ sí 75 láàárín òru?

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Wọ́n máa ń fi ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn ẹ̀ sáàárín iṣẹ́, ẹ ò lè dá a mọ̀ lójú. Tó bá jẹ́ 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kà, 75 túmọ̀ sí pé ẹ gba 15. Aránṣọ yín gba 16. Ìbéèrè kan péré ló wà láàárín yín. Ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ kọ lóru yẹn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Háà. Mo ti rí i. Oorun ń kùn mí, mi ò fi àmì sí i mọ́, mò ń kọ ọ́ bá a ṣe ń kọ ọ́ ránṣẹ́ síra wa. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní òun ń lọ wọ ọkọ̀ ní Ọláìyá, èmi kọ "ọkọ" lásán. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà pé ká fi àmì ohùn sí i. Mo ṣáà rò pé èèyàn ni yóò kà á, yóò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wọ ọkọ ní gáréèjì.

Bọ̀dá Ọláìyá: 😂😂 Ẹ̀gbọ́n, tèmi ńkọ́? Máàkì mi ò yí padà rárá nígbà tó ṣe mí yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun kalẹ̀ lóru yẹn ni, ẹ wá rò pé wíwọlé tẹ́ ẹ tún wọlé ló mú un wá. Iṣẹ́ kan lè nílò èèyàn mẹ́ta péré, tí ẹni kẹta bá ti gbà á, ó parẹ́ lójú gbogbo ẹni tó kù. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nìyẹn: tí kò bá sẹ́ni kankan tó rí i mọ́, ó ti tán, tẹ́nìkan bá ń rí i tí ìwọ ò rí i, ọ̀dọ̀ rẹ ni kó o wá a sí.

Bọ̀dá Ọláìyá: Ẹ tún gbọ́ o. Mo fi áàpù yẹn sílẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún nígbà tí mò ń gun ọ̀kadà, nígbà tí mo padà dé, iṣẹ́ ká ka ọ̀rọ̀ sétí fóònù ò ṣeé ṣe, iṣẹ́ ká lọ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ò sì yọ rárá. Ọmọ mi ló ṣí `Settings`, ó wọ `Apps`, ó yan áàpù yẹn, ó wọ `Permissions`, ló bá bá `Microphone` àti `Location` níbi tí wọ́n kọ `Not allowed` sí. Èmi ò fọwọ́ kàn án o!

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Fóònù ló gbà á padà. Látorí Android 11, áàpù téèyàn bá pa tì fún oṣù díẹ̀, fóònù máa gba àṣẹ tẹ́ ẹ fún un kúrò. Iṣẹ́ fọ́tò ṣọ́ọ̀bù ní láti mọ̀ pé Òṣogbo lẹ wà, tí kò bá mọ̀, kò ní gbé ti Òṣogbo fún yín.

Ọmọ Àlékúwodò: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo tèmi. Wọ́n gbé mi ga, wọ́n ní kí n máa yẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì wò, inú mi dùn, mo ra Fáńtà fáwọn ará ilé. Láti ọjọ́ yẹn iṣẹ́ kíkọ ò yọ sí mi mọ́, ti yíyẹ̀wò sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Máàkì mi 93. Owó tó ń wọlé wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Ti máàkì kọ́ nìyẹn, ti àṣẹ ni. Bóyá ṣe ni wọ́n fi ipò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ dípò kí wọ́n fi kún un. Èyí tó ò ń rí náà ò lè pọ̀, torí wọn kì í fi iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ kọ fún ẹ yẹ̀ wò, tó o bá sì wà lára àwọn tó kọ púpọ̀ nínú ẹ̀, kí ló kù? Kọ̀wé sí wọn kí wọ́n dá ipò àkọ́kọ́ padà fún ẹ. Àmọ́ mi ò lè búra pé wọ́n máa gbà, àwọn kan ò fẹ́ kẹ́nì kan di ipò méjèèjì mú.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ. Tí mi ò bá rí iṣẹ́, báwo ni mo ṣe máa gbé máàkì ga?

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Ibi tó ń dunni jù nìyẹn, ẹni tó bọ́ sínú ihò ò ní àkàbà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ní iṣẹ́ ìdánrawò. Kò sówó níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kà á mọ́ máàkì nígbà míì. Tí kò bá sí, ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ìdánrawò wà, ibi tí mi ò wò rí ló wà. Mo ṣe 10, mo gba 9, mo sáré lọ wo máàkì, 75 ló ṣì wà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fóònù mọ́lẹ̀. Mo wá ṣírò ó: 10 tó kẹ́yìn lóru ọjọ́ yẹn, 6 ni mo gbà nínú ẹ̀, 6 pẹ̀lú 9 jẹ́ 15, iye kan náà. Mo ṣe 10 mìíràn, mo tún gba 9, ti òru yẹn jáde kúrò níbẹ̀ pátápátá, ó di 90, iṣẹ́ kíkọ yọ padà. Ti kíka ọ̀rọ̀ sétí fóònù ni kò tíì yọ, bẹ́ẹ̀ aránṣọ ń rí i, mo sì ti lọ wo `Microphone`, ṣíṣí ló wà.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbóǹnà: Máàkì ti kíka lè yàtọ̀ sí ti kíkọ o. Mélòó ni tibẹ̀?

Ìyá Ìbejì Òkè-Fìà: Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òfìfo ni wọ́n fi sí i.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba: Owó mi ti wọlé o! Wọ́n yọ díẹ̀ nínú ẹ̀.