Àbúrò mi gba fíríìdọ̀mù ìránṣọ, ẹ̀jẹ̀ SS ló ní: báwo la ṣe máa to iṣẹ́ yìí kó lè bá a kalẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Ìsàrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 23, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbí ní Iléṣà. Fòníkú-fọ̀ladìde ni. Kì í ṣe pé kíráísì ń gbé e dè ní gbogbo ìgbà, àárẹ̀ ló ń bá a jà jù. Lónìí á ránṣọ bí ẹni tí wọ́n tanná sí nídìí, lọ́la kò ní lè gbé sísọ́ọ̀sì. A fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù fún un. Báwo la ṣe máa to iṣẹ́ náà tí kò fi ní dá a dúró lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta? Ẹni tó bá mọ irú rẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Ọmọ Alágbo:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìyá kan wà lọ́jà Àtàkúmọ̀, àgbo rẹ̀ mú gan-an. Ìgò mẹ́ta péré.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàrè:
Ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò béèrè oògùn. Dókítà rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń bá bọ̀.

Bọ̀dá Sẹkitéríà:
Ẹ má jẹ́ kó ránṣọ rárá. Iṣẹ́ ìjọba ni kẹ́ ẹ wá fún un. Á jókòó, owó á wọlé lóṣooṣù, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, owó ò ní já. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ní kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara.

Ìyá Aránṣọ Òkèṣà:
Bọ̀dá, apá kan ọ̀rọ̀ yín dára, pàápàá ti owó oṣù. Ṣùgbọ́n ìsinmi àìsàn tí owó ò ní já ní iye ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún, dókítà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kíráísì tó le léraléra lè jẹ ẹ́ tán kí ọdún tó parí. Tí wọ́n bá sì jókòó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ òtútù sí i lẹ́yìn látàárọ̀ dalẹ́, ìjókòó yẹn kì í ṣe ìsinmi. Ìránṣọ tí ọmọ ti kọ́ tán ò burú. Bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ wọlé ló máa ń bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàrè, ẹ má tíì sanwó ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún un, kó máa kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12: wákàtí mélòó ló fi ránṣọ gan-an lónìí, àti kí ló ṣe lánàá àti níjẹta. Mo mẹ́nu ba ìjẹta nítorí pé ara kì í sábà gba gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó fi Sátidé dúró gé aṣọ ẹbí ogún lè ṣe dáadáa lọ́jọ́ Àìkú, kó wá ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kó máa rò pé oúnjẹ tóun jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12, ọjọ́ 72 nìyẹn. Ká ní ọjọ́ 40 ló fi ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, 20 ló fi ṣe wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, 12 ni kò lè ṣe nǹkan kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 300, ìyẹn 25 lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ wákàtí 25 ni àwọn á máa gbà. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ẹ wá oṣù tó burú jù nínú ìwé yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan bá wà tó fi ní ọjọ́ 8 gidi, ọjọ́ 8 alábọ̀ àti ọjọ́ 8 òfo, wákàtí 72 ló jẹ́, 18 lọ́sẹ̀. 18 yìí ni kó máa fi ṣèlérí fún oníbàárà. Ìyókù, bó bá rí i ṣe, èrè ni.

Wákàtí 18 ńkọ́? Bí kábà olówó aṣọ tó ní láínì bá ń gbà á ní wákàtí 9, tí ìró àti bùbá ń gbà á ní wákàtí 3, kábà kan àti bùbá mẹ́ta ni ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ẹni kẹrin tó bá mú bùbá wá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ìyàwó pásítọ̀.

Ṣadé Ìmọ́:
Oníbàárà Iléṣà tó máa gbà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọmọ òṣómàáló ni wá, a lè lóṣòó tì ọ́ nídìí títí aṣọ á fi jáde.

Ìyá Aránṣọ Òkèṣà:
Òótọ́ ni! Ìdí tí mo fi fẹ́ kó pín iṣẹ́ sí méjì nìyẹn. Iṣẹ́ kan wà tí ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ìgbéyàwó, òkú ṣíṣe, Iléyá. Èkejì, ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ tìrẹ: yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé, aṣọ àlejò tó wà ní rírán sílẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wa. Oṣù kejìlá ni aṣọ ẹbí ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń dé, òtútù sì wà lára ohun tó ń fa kíráísì. Aránṣọ tó ní SS tó bá gbé èrè ọdún rẹ̀ lé oṣù kejìlá ti gbé e lé oṣù tí ara rẹ̀ ò ní gbọ́ràn. Kó jẹ́ kí aṣọ ẹbí oṣù yẹn kéré. Kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé yunifọ́ọ̀mù láti oṣù karùn-ún fún ìwọlé oṣù kẹsàn-án. Aṣọ méjì lónìí, òfo lọ́la, mẹ́ta lọ́tunla, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Lágere:
Láti Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí wọn kì í bi wá léèrè: ilé ìyàgbẹ́. Omi ni ẹni tó ní SS gbọ́dọ̀ máa mu, ìgò oní lítà kan àtààbọ̀ méjì lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, àyàfi tí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Kíndìnrín wọn kì í sábà lè há omi mọ́ra, nítorí náà wọ́n ń tọ̀ púpọ̀. Wá wò ó: ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí obìnrin lè gbà tọ̀. Kí ló máa ṣe? Kò ní mumi. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, ẹnu ti gbẹ, ẹ̀yìn ti ń ro ó. Wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé tó ní ilé ìyàgbẹ́ dípò ti iwájú títì tí kò ní. Kó má sì jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀rọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn nítorí ìgbáròkó ni. Ẹ̀jẹ̀ SS lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí egungun itan, kí egungun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ro ó ní abẹ́nú itan, tó bá ń tiro láàárọ̀, kó má pè é ní àárẹ̀. Kó lọ yẹ ẹ́ wò, kó má sì gbára lé X-ray lásán, nítorí ó lè má tètè fi í hàn níbẹ̀rẹ̀. Kó sì máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún lọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìpalára tí SS ń ṣe lẹ́yìn ojú kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, ojú sì ni aránṣọ fi ń jẹun.

Tíṣà Ìrẹ́mọ:
Kíndìnrín ló ń bá èmi jà ní tèmi, kì í ṣe SS. Mo bẹ ọ̀gá iléèwé pé kí wọ́n kó gbogbo kíláàsì mi sí ààrọ̀. Wọ́n gbà fún sáà kan, lẹ́yìn náà ọ̀gá tuntun dé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yàn fún òun. Ṣé kí n gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Lágere:
Tíṣà, ìwé dókítà ni. Kí ó kọ iye wákàtí àti àsìkò tí ara yín lè gbà sínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ àìsàn nìkan. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá wá dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ó ti ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tó fẹ́ tẹ̀ lé e. Maṣínì ẹlẹ́sẹ̀ sì ni ọ̀gá rẹ̀ fún un.

Ìyá Aránṣọ Òkèṣà:
Ohun tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa nígbà tí ọ̀gá bá ń ṣàìsàn ni pé orí rẹ̀ nìkan ni gígé wà. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè tẹ maṣínì, kò lè gé. Ní ọjọ́ tí ara bá le, kó gé páálí líle sí ìwọ̀n yunifọ́ọ̀mù: ọmọ ọdún 6, 8, 10, 12. Ẹ̀yìn, iwájú, apá, kọ́là. Kó kọ iye íǹṣì àlàfo ìránpọ̀ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi ọfà hàn ibi tí okùn aṣọ ń gbà. Kó so wọ́n kọ́. Ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ á gbé e lé aṣọ, á gé e. Páálí yìí náà ni á tún fi ṣiṣẹ́ nígbà tó bá lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ìgbáròkó bá kọ̀: á máa gé, á máa kọ́ni, ẹlòmíràn á máa tẹ maṣínì, òun á sì máa sanwó fún ẹni náà lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan.

Maṣínì ẹlẹ́sẹ̀ yẹn, ẹ so mọ́tò kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ má tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju wáàtì 100 sí 150 lọ, sólà kékeré lè gbé e, bí iná bá sì lọ tán, ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ló ń pa sólà, ó lè ju wáàtì 1000 lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí iná NẸ́PÀ bá dé.

Oníṣirò Ṣábó:
Ọ̀rọ̀ owó: kó má wọ èsúsú tí wọ́n ń gbà ní ìtòtẹ̀lé. Bó bá dùbúlẹ̀ tí kò rí owó dá, gbogbo ẹgbẹ́ á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alájọ ojoojúmọ́ ló yẹ ẹ́. Ọjọ́ tí kò dá, kò dá. Ohun tó bá dá ló máa gbà, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan lóṣù.

Ṣadé Ìmọ́:
Ẹ ò tíì sọ èyí tó le jù. Ṣé kó sọ fún oníbàárà pé òun ní SS?

Ìyá Aránṣọ Òkèṣà:
Rárá. Kó sọ ọjọ́ tí aṣọ á jáde, ó tó. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní aṣọ àwọn á há sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Lágere:
Màmá, mi ò fara mọ́ ọn. Kó sọ fún méjì mẹ́ta tó ń mú iṣẹ́ ńlá wá, pàápàá ẹni tó ń gba yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń bínú jù lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì.

Ẹ̀gbọ́n Ìsàrè:
Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì sọ yìí, òun náà ni màá jẹ́ kó yàn. Ìwé kékeré yẹn la máa rà lónìí, ṣọ́ọ̀bù á dúró di ọ̀sẹ̀ 12. Onílé ṣọ́ọ̀bù ti ń pè mí o.