Àbọ̀: gbohùngbohùn inú ìgbasílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ohùn olùkọ́ wa ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Ṣé ẹ̀rọ lè yọ ọ́?"

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn. Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín, ẹ̀yin ará. Apá kan bọ́ sí i, apá kan kọ̀ jálẹ̀.

De-reverb, irinṣẹ́ tó ń dín gbohùngbohùn kù nínú RX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, ni mo lò. Mo mú ibi tí olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ tó sì dánu dúró, mo tẹ Learn, mo wá ń fa Reduction sókè díẹ̀díẹ̀. Bọ̀dá tó ní kí n tẹ Output reverb only ló là mí lójú: ohun tí ẹ̀rọ fẹ́ kó dànù nìkan lèèyàn máa gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ tó já gaara bá ti wà níbẹ̀, ohùn olùkọ́ gan-an lẹ ń gé. Ẹ fà á padà.

Ìdajì àkọ́kọ́, tí fóònù wà lórí tábìlì iwájú, mọ́ dáadáa. Èyí tí mo gbà láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló bà mí nínú jẹ́. Ohùn tó ta padà lára ògiri àti táìlì ti ju èyí tó wá tààrà lọ; "ṣ" àti "k" ti yọ́ mọ́ra. Bí mo ṣe fa Reduction gidi, ó ń dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ẹni tó ní kí n fi géètì, irinṣẹ́ tó ń pa ìró tí kò bá ròkè tó, pa á jàre díẹ̀: ó pa ìró tó kù láàárín gbólóhùn, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ò kúrò. Màmá oníṣọ́ọ̀ṣì, híhan tí sípíkà yín ń han, fídíbáàkì ni, kì í ṣe gbohùngbohùn. Ẹ gbé máìkì kúrò níwájú rẹ̀.

Apá ẹ̀yìn yẹn, etí ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ méjì ṣì rú mi lójú.