Kí ni kí n sọ fún aláìsàn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga nínú ìdánwò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní Yábàá, ìdánwò àfọwọ́ṣe wa tí wọ́n ń pè ní ọ́sìkì sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wíwọ̀n kò dà mí láàmú mọ́. Mo tiẹ̀ ti mọ̀ pé kí n ṣì di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí mo ṣe ń ka mímí rẹ̀, bíi pé ìlù ọkàn rẹ̀ ni mo ṣì ń kà, kó má baà yí mímí náà padà. Àlàyé ni ìṣòro mi.

Nígbà tí a ń dánra wò, ìfúnpá màmá kan jẹ́ 152/94. Kíá ni mo ní, "Mà, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru." Ojú wọn yí padà. Olùkọ́ yọ máàkì mi: ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀n ọ́n, màmá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, wọn ò tíì sinmi ìṣẹ́jú 5.

Ní báyìí, mo máa ń sọ pé, "Ó ga díẹ̀ mà, ẹ jẹ́ ká sinmi ká tún un wọ̀n." Ṣùgbọ́n tó bá tún ga, tí wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ ṣe mí?", kí ni mo lè fi dáhùn tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní kó jìnnìjìnnì bá wọn?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.