Ìwé ìmúrasílẹ̀ ìgbéyàwó: kí lẹ bá pàdé nígbà tí ẹ̀yin àti àfẹ́sọ́nà yín jọ kà á?

Ọmọ Tíṣà, Ìkòròdú

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Tèmi rèé, mo sì fẹ́ gbọ́ tiyín. Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi. Mùsùlùmí ni àwa méjèèjì, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi rò pé ọ̀kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n tíṣà ni bàbá mi, ìyàwó kan ni wọ́n ní, ọmọ mẹ́ta péré sì ni wá. Nílé tiwọn, ìyá mẹ́ta ló wà nínú agboolé kan, ọmọ mọ́kànlá, ìyá kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi owó ẹja tó ń tà bọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún wa ní ìwé tí Les àti Leslie Parrott, tọkọtaya ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1995. Ìwé méjì tí èèyàn ń kọ ìdáhùn sí ló bá a rìn, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Wọ́n ní kí kálukú kọ àwọn òfin ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àwọn tẹ́nikẹ́ni kì í fẹnu sọ, tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá rú u lo máa tó mọ̀ pé òfin ni.

A jókòó pọ̀, a fi ìwé kan ṣoṣo ṣe é. Mo kọ, ó wò ó, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa." Ogún ìṣẹ́jú, a ti parí, inú wa sì dùn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi wá pé kí ni ìyàtọ̀ tá a rí, a ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ní ká lọ tún un kọ, kálukú nílé tirẹ̀, ká má fi han ara wa títí di Sátidé.

Sátidé yẹn, mo kọ ọ́ pé: "Owó tó bá wọlé, bàbá àti màmá jọ ń kọ ọ́ sínú ìwé kan." Òun kọ: "A kì í bèèrè iye tó wà lọ́wọ́ ìyàwó." Lójú tèmi, ẹni tí kò bá sọ iye tó ní ń fi nǹkan pamọ́. Lójú tirẹ̀, ọkọ tó bá ń tú àpò ìyàwó rẹ̀ wò, olójúkòkòrò ni. Ibẹ̀ ló ti jáde pé láti ọdún méjì ló ti ń san owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀ kan, ọmọ ìyá kejì, 60,000 náírà ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kóun sọ fún mi ni.

Ohun tá a wá fẹnu kò lé lórí nìyí. Èmi ń gba 120,000 lóṣù, òun ń gba 180,000. Ìdajì owó kálukú á wọ àpò ilé. Kálukú lè mú 25,000 fún ẹbí rẹ̀ láì bi ẹnìkejì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, a máa kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Tá a bá pín owó ilé-ìwé yẹn sí oṣù mẹ́rin, 15,000 ni lóṣù. Ó ku 10,000 tó máa fún ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ní kò tó. A ò tíì yanjú ìyẹn.

Bàbá Sùlíà, Àgbádárìgì

Àbúrò, ìwé ti pọ̀ jù. Ìwé Gary Chapman tó sọ̀rọ̀ èdè ìfẹ́ márùn-ún, tó jáde ní 1992, ti tó tọkọtaya. Èmi rò pé ẹ̀bùn ni ìyàwó mi ń fẹ́, mò ń ra aṣọ. Àṣé kí n bá a pọn omi kílẹ̀ tó mọ́ ló ń dùn mọ́ ọn nínú jù. Láti ọjọ́ yẹn, ariwo rọlẹ̀. Ẹni tó bá mọ èdè ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí ò lè wọ àárín wọn.

Bọ̀dá Onímọ́tò, Ìkòròdú

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní kóòtù? Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe tiwa.

Ìyá Àdínnì, Ẹ̀pẹ́

Bọ̀dá, ìwé kíkà la ń sọ, àmọ́ ẹ tètè lọ o. Tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ sílẹ̀ ní rẹ́jísírì, ọjọ́ 21 ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ síta kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò lè wá sọ. Tí oṣù mẹ́ta bá sì kọjá láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi orúkọ sílẹ̀ láì ṣe ìgbéyàwó náà, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Bàbá Sùlíà, òótọ́ lẹ sọ nípa àárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ọkọ tó mọ èdè ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ dáadáa náà lè máà mọ ohun tó máa sọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá kó ẹrù dé láì sọ tẹ́lẹ̀. Chapman kan náà tún kọ òmíràn ní 2010, lórí àwọn ohun tí ì bá wù ú kó ti mọ̀ kó tó gbéyàwó. Orí méjìlá ló ní. Orí kẹwàá dá lórí pé inú ẹbí lèèyàn ń fẹ́ wọ̀. Èmi a máa mú àwọn ọmọ wa ka ìyẹn. Níbi tó bá ti ń sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, a ó jókòó, a ó wo ohun tí ẹ̀sìn tiwa sọ.

Ọmọ Tíṣà, ohun tó ṣe yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mò ń rí jù. Tí ìdáhùn méjèèjì bá jọra délẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkan ló kọ ọ́, mo mọ̀ pé wọn ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo máa ń ní kí wọ́n mú ọjọ́ kan pàtó sọ: "Sọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó dé nílé yín, ta ló sọ̀rọ̀, ta ló dákẹ́?" Ẹni tó ń da ìdáhùn ẹlòmíì kọ kì í lè dáhùn ìyẹn.

Ìbéèrè kan wà tí ìwé òyìnbó ò ní bi yín, torí ọkọ kan aya kan ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́. Ṣé yìgì nìkan lẹ ó so, àbí ẹ ó tún lọ kóòtù? Ẹni tó bá ti ṣe ti kóòtù, òfin ò gbà á láyè láti fẹ́ ìyàwó mìíràn níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó yẹn bá ṣì wà. Yìgì ò dí i lọ́wọ́ títí dórí mẹ́rin. Ọmọ ilé ìyá mẹ́ta lẹ fẹ́ fẹ́. Ẹ bi í, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì rẹ̀.

Ìyàwó Ègùn, Àgbádárìgì

Orí kẹwàá yẹn ràn wá lọ́wọ́ gan-an lórí ibi tá a ti máa ṣe Kérésìmesì. Tèmi ni pé ìwé kankan ò bi wá nípa èdè. Yorùbá ni mí, Ègùn lọkọ mi. Tí wọ́n bá ti pé jọ nílé wọn, Ègùn ni wọ́n ń sọ, mo rò pé èmi ni wọ́n ń sọ fún odindi ọdún kan. Ọmọ wa ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, a ṣì ń fà á: ìyá ọkọ mi ní Ègùn ni, màmá mi ní Yorùbá ni. Ẹnikẹ́ni tó ti yanjú irú èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é.

Ọmọ Tíṣà, Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ní tèmi, kóòtù wà nínú rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rò pé ó yẹ ká máa bèèrè. Mo bi í lórí fóònù lánàá, ó dákẹ́, ó ní bàbá òun ò ṣe kóòtù rí. Mo ní kó má tíì dáhùn. Sátidé yìí mò ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ti kọ tirẹ̀ sójú ìwé rẹ̀, mo ti kọ tèmi, a ò sì tíì fi han ara wa.