Ẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ nọ́ńbà òkè nìkan ló ga: kí la máa pè é?

Adéolú: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fáwọn àgbàlagbà tó ń wá yẹ bípì wò. Irú ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó jẹ́ nọ́ńbà òkè, èyí tí wọ́n ń kọ ṣáájú, tó jẹ́ ti ìgbà tí ọkàn bá sún kì, nìkan ló máa ń ga, tìsàlẹ̀, tó jẹ́ ti ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀, á wà bó ṣe yẹ. Ṣé "ẹ̀jẹ̀ ríru ààbọ̀" dáa fún un? Tí tìsàlẹ̀ ò bá sì ga, kí ni wọ́n tún ń lo oògùn fún?

Bàbá Kọ́lá: Adéolú, "ẹ̀jẹ̀ ríru àgbà" ni kó o kọ. Ọjọ́ orí ló ń fà á, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa le béèyàn ṣe ń dàgbà. Láyé ìgbà tiwa ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kéèyàn fi 100 kún ọjọ́ orí ẹ̀, ẹni 70 ọdún tí tòkè ẹ̀ bá jẹ́ 170, kò sí wàhálà ńbẹ̀. Ẹ má lọ máa dẹ́rù ba àwọn arúgbó.

Ṣadé: Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ má bínú pé mo fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà yín. Pé iṣan ń le, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ ká fi 100 kún ọjọ́ orí yẹn, ó ti pa èèyàn lára gan-an, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ "àgbà" nínú orúkọ ẹ̀, torí ẹni tó bá kà á á ní ṣebí àgbà náà ni mo dà, á sì padà sílé. "Ààbọ̀" náà ò dáa, wọ́n á rò pé àìsàn tí ò tíì pé ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn, ó máa ń nà bíi rọ́bà nígbà téèyàn ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Tí ọkàn bá sún kì, tó ti ẹ̀jẹ̀ jáde, iṣan yẹn á fẹ̀, á gba díẹ̀ dúró, torí ẹ̀ ni tòkè ò ṣe ní ga jù. Tí ọkàn bá wá dẹ̀, iṣan á sún padà, á máa ti ẹ̀jẹ̀ tó gbà dúró yẹn lọ síwájú, òun ló ń gbé tìsàlẹ̀ ró. Tó bá ti wá le kò ní fẹ̀ mọ́, kò sì ní lè sún padà, tòkè á fò sókè, tìsàlẹ̀ á jábọ́. Ohun kan náà ló ṣe méjèèjì! Ẹni tó bá rí 172/68 tó wá ń sọ pé a dúpẹ́ tìsàlẹ̀ dáa, tìsàlẹ̀ tó dáa yẹn gan-an ló ń sọ fún wa bí iṣan yẹn ṣe le tó. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 104. Ẹni tó ní 150/90, tiẹ̀ jẹ́ 60 péré.

Ọpọlọ ni wàhálà ọ̀hún ń já lé lórí jù. Ìgbà gbogbo ni ọpọlọ ń gba ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà tiẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà gbogbo agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tú jáde látinú ọkàn ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan tín-tìn-tín inú ẹ̀. Tó bá pẹ́, àwọn kan á nípọn títí wọ́n á fi dí, àwọn mìíì á bẹ́. Bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń wá nìyẹn, tìsàlẹ̀ ò sì ní ga títí tó fi máa ṣẹlẹ̀.

Tóbi: Ẹ jọ̀ọ́, èmi tiẹ̀ rò pé "nìkan" yẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ló ga tó sì wálẹ̀. Tèmi ga lọ́jọ́ tí mo sáré débẹ̀, ọjọ́ kejì ó ti wálẹ̀.

Ṣadé: Rárá o Tóbi, ìyẹn yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn jókòó fún bíi ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó sọ pé ó ga. Eléyìí tá à ń sọ, gbogbo ìgbà ló máa ń ga bẹ́ẹ̀.

Bàbá Kọ́lá: Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ò lè mú iṣan tó ti le rọ̀. Kí ló wá fẹ́ ṣe?

Ṣadé: Ìbéèrè yín yìí gan-an ló ń ṣe ọ̀pọ̀ dókítà nígbà kan sà, ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà wọ́n pé tí wọ́n bá ń já tìsàlẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ wálẹ̀ sí i, wọ́n lè ṣe arúgbó léṣe. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SHEP ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 1991. Àwọn èèyàn 4,736, kò sẹ́ni tó kéré sí 60 ọdún nínú wọn, tòkè wọn 160 sókè, tìsàlẹ̀ ò tó 90. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, kilọtalídóònù, díẹ̀ díẹ̀, tí ò bá tó wọ́n á fi òmíràn kún un, wọ́n wá fún àwọn yòókù ní hóró tí ò ní nǹkan kan nínú. Láàárín ọdún 5, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ò gba oògùn, bíi 8 ni rọpárọsẹ̀ kọlù, nínú àwọn tó gba oògùn bíi 5. Ẹ sì wò ó o, wọn ò dá tòkè wọn padà sí tọ̀dọ́. Nǹkan bíi 143 ni wọ́n bá a dé, tàwọn yòókù wà ní 155. Iṣan wọn ṣì le bó ṣe le, ohun tí oògùn ṣe ni pé ó dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń lu ọpọlọ nígbàkígbà tí ọkàn bá sún kì kù, díẹ̀ tó dín kù yẹn sì tó láti fi gba èèyàn 3 là nínú 100.

Rónkẹ́: Àǹtí Ṣadé, màmá mi nìyí gan-an, 79 ọdún, 172/68. Wọ́n fún wọn ní hóró tó ń mú ni tọ̀ yẹn, kò pẹ́ ni wọ́n dìde lóru, òòyì kọ́ wọn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n ṣubú, a bá dá oògùn dúró. Ṣé a ṣe dáadáa?

Ṣadé: Rónkẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ṣíṣubú lè burú bíi rọpárọsẹ̀ fẹ́ni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù tó bà yín tọ́. Àmọ́ ẹ má dá a dúró kẹ́ ẹ wá gbàgbé ẹ̀, ẹ mú wọn padà lọ. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n wọ́n lórí ìdùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n tó bá di ìṣẹ́jú 1, àti tó bá di ìṣẹ́jú 3. Tí tòkè bá já tó 20, òun ló fa òòyì nìyẹn, wọ́n á dín oògùn kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò náà, torí oògùn yẹn máa ń gbé iyọ̀ àti potásíọ̀mù jáde lára, ó sì lè mú kí arúgbó máa dà bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Rónkẹ́: Tìsàlẹ̀ wọn ti dé 54 kó tó di pé a dá a dúró o.

Ṣadé: Ìyẹn ló yẹ kí dókítà mọ̀ jù. Ìgbà tí ọkàn bá dẹ̀ ló ń rí ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ gbà, tí tìsàlẹ̀ bá wá lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè má rí tó, pàápàá tó bá ti ní àrùn tẹ́lẹ̀. Ibo gan-an ló yẹ kí wọ́n dúró, ẹnu àwọn onímọ̀ ò tíì kò lórí ẹ̀.

Fẹ́mi: Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ jàre. Tó bá jẹ́ àlàfo ló ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká pè é ní "ẹ̀jẹ̀ ríru alálàfo." Ó dùn létí, ó sì ń sọ ohun tó wà ńbẹ̀.

Ṣadé: Mo fẹ́ràn ẹ̀ o Fẹ́mi, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn ọkàn ẹ̀ ń jò, àlàfo náà lè fẹ̀. Irú ìyẹn ní ìtọ́jú tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Bàbá Kọ́lá: Ìwádìí ẹ ní 160 sókè. Tèmi jẹ́ 150. Ṣé èmi náà á gbé oògùn mì?

Ṣadé: Bàbá, SHEP ò mú irú yín wọlé, mi ò lè fi ìyẹn dá yín lóhùn. Ẹni tó mọ àìsàn yòókù tẹ́ ẹ ní ló lè bá yín sọ ọ́.

Adéolú: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo máa kọ "ẹ̀jẹ̀ ríru tòkè" síbẹ̀ fún báyìí, mo yọ "nìkan" kúrò nítorí Tóbi. Màá fi 172/68 ṣe àpẹẹrẹ, màá sì kọ wíwọ̀n lórí ìdúró sí i. Fẹ́mi, ẹ ṣì lè bá mi wá òmíràn.

Fẹ́mi: "Tòkè" yẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn o, ẹni tí ò mọ̀ pé nọ́ńbà méjì ni bípì ò ní mọ òkè wo là ń sọ.